Ínhélà àti sipésà: báwo lẹ ṣe ń kọ́ aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Bọ́lá, Ṣúúrùlérè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apòògùn. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun mú ìwé dókítà wá sọ́dọ̀ mi lánàá: ínhélà búlúù, búráùn, àti sipésà, ìyẹn ike tí wọ́n ń ki ínhélà bọ kí oògùn lè dé àyà. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n lò ó, wọ́n fín in lẹ́ẹ̀mejì léra sínú sipésà, wọ́n sì fà á tagbáratagbára débi pé sipésà ń súfèé. Kí ni kí n ṣe?

Àlàájà Apòògùn, Yábàá: O ṣeun tó o ní kí wọ́n lò ó. Lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ ṣe é lójú wọn, kí wọ́n wá ṣe tiwọn. Ínhélà tuntun, ẹ fín in sáfẹ́fẹ́ bí ìwé inú páálí ṣe sọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí wọ́n kì í bọ sipésà, kí wọ́n mí síta jẹ́jẹ́, kí ètè wọn yí ẹnu sipésà ká pinpin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n fín in, kí wọ́n sì fà á díẹ̀díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n di èémí mú títí wọ́n á fi ka 10. Ẹni tí kò bá lè di èémí mú, kó mí sínú, kó mí síta níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá wà, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá fín méjì pọ̀, púpọ̀ nínú oògùn á lẹ̀ mọ́ ara sipésà, kò ní dé àyà tó bó ṣe yẹ. Súfèé yẹn ń sọ pé wọ́n ń yára fà á.

Túndé: Kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ sipésà, kí wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ.

Àlàájà Apòògùn, Yábàá: Ọṣẹ àwo díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, Túndé. Aṣọ ni kò dára: bí wọ́n bá ń fi nu ike, ike á máa fa oògùn mọ́ra. Kí wọ́n jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ.

Ìyá Ìbùkún, Múṣin: Ọmọ mi ọdún 3 náà ń lo méjèèjì. Bí àyà bá ń fún un, ṣé kí n fún un ní búráùn?

Àlàájà Apòògùn, Yábàá: Rárá o, Ìyá Ìbùkún. Búlúù ló ń la àyà kíákíá. Búráùn, ojoojúmọ́ ni, kódà tára bá yá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù lẹ́yìn rẹ̀. Sipésà tó ní ìbòjú ni kẹ́ ẹ lò, kó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa. Bí búlúù ò bá mú un rọrùn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bọ́lá, ìyàtọ̀ méjèèjì yìí náà, bi màmá kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Túndé: Àwọn kan ń gé ike omi fi ṣe sipésà. Mi ò fọkàn tán an.

Àlàájà Apòògùn, Yábàá: Mo ti rí ibi tó wúlò, bí ihò náà bá mú ínhélà ṣinṣin. Bí èyí tí wọ́n ń tà bá wà, òun ni mo fara mọ́.

Bọ́lá, Ṣúúrùlérè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Màá ní kí wọ́n tún un ṣe níwájú mi.