Orúkọ wo ni a óò fún ìnáwó tí ọjà ti gé fún wa?

Olùtumọ̀, Ìbàdàn: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn aránbáàgì àti àwọn aránbàtà, mo sì há síbi ohun tí àwọn oníṣirò owó ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì kọ́sítìn, ìyẹn ni kí a ti ara iye tí oníbàárà yóò san mọ iye tí a lè ná sí ọjà kí a tó ṣe é. Mo kọ ọ́ ní “ìṣirò iye owó àfojúsùn”, ṣùgbọ́n ọ̀gá aránbáàgì kan kà á, ó ní ṣé iye tí òun fẹ́ tà á ni àbí iye tí òun fẹ́ ná sí i. Orúkọ wo ni ó bá a mu?

Oníṣirò owó tí ó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta: Ọ̀gá yẹn ti fọwọ́ kan ojú egbò. “Iye owó” lẹ́nu wa ń jẹ́ iye tí a fi ń tajà, ó sì tún ń jẹ́ iye tí ọjà náà ná wa, bẹ́ẹ̀ àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ jẹ́ kí a fi “ìnáwó” sílẹ̀ fún owó tí ń jáde lápò ẹni tí ń ṣe ọjà, kí “iye títà” sì dúró fún èyí tí oníbàárà ń san.

“Àfojúsùn” ni kò tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ohun tí a bá fojú sùn, bí ọwọ́ kò bá tó o lọ́dún yìí, a lè retí rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ìnáwó tí à ń sọ yìí kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjà ni ó gé e fún wa, bí a bá sì kọjá rẹ̀, èrè wa ni a ń jẹ. Àwọn ará Jàpáàn, tí ilé-iṣẹ́ Tòyótà ti ń lo ọ̀nà yìí láàárín wọn láti àwọn ọdún 1960, ń pè é ní gẹ́ńkà kíkákù. Gẹ́ńkà ni ìnáwó sí ọjà, kíkákù sì ni ètò tí a ń ṣe kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́. Kò sí àfojúsùn nínú orúkọ náà, kò sì sí ìṣirò nínú rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ìṣirò sí i, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé iṣẹ́ àwa oníṣirò ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mú pẹ́ńsùlù àti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà wà fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù aránbáàgì kan ní àdúgbò mi, kí ẹ lè rí ohun tí orúkọ náà gbọ́dọ̀ gbé. Báàgì ilé-ìwé ni ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Kí ó tó ra aṣọ rárá, ó lọ yí ká àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, ó rí i pé ₦12,000 ni àwọn ìyá ọmọ ń san láìjanpata. Ẹni tí yóò bá a tà á yóò mú ₦2,000, nítorí náà ₦10,000 ni yóò délé. Ó ní kí òun tó lè san owó ilé kí òun sì tún ẹ̀rọ ṣe, 20 nínú 100 owó tí ó délé gbọ́dọ̀ jẹ́ èrè. Ìyẹn jẹ́ ₦2,000. Ohun tí ó ṣẹ́ kù, ₦8,000, ni ààlà: aṣọ, sípù, fóòmù, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá rán báàgì kan ṣoṣo bí ó ti rí i lọ́kàn, ó sì kọ ohun tí ó ná sí i sílẹ̀. Aṣọ òde jẹ́ ₦4,200, sípù ₦1,500, aṣọ inú ₦1,000, fóòmù ₦600, owó iṣẹ́ ₦1,800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,100, ó sì fi ₦1,100 kọjá ààlà. Èmi ò lè fi kálàmù mú ₦1,100 yẹn kúrò. Òun ni ó padà lọ bá àwọn ìyá ọmọ mẹ́fà kan, ó ní kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò lára báàgì. Gbogbo wọn ló fa okùn èjìká wò, wọ́n sì ṣí sípù ńlá náà tì í síwá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ àpò kékeré inú lọ́hùn-ún. Ó yọ àpò náà kúrò: sípù fi ₦200 dín, aṣọ inú fi ₦100, owó iṣẹ́ fi ₦150. Nígbà tí ó yá, ó tẹ́ bébà tí ó fi ń gé aṣọ sílẹ̀, ó rí i pé báàgì márùn-ún ni òun ń rí gé nínú aṣọ ₦21,000 nítorí pé ẹ̀gbẹ́ báàgì fi ìwọ̀n ìka méjì fẹ̀ jù. Ó dín in, ó rí mẹ́fà gé, aṣọ báàgì kan bọ́ sí ₦3,500. Pẹ̀lú ₦450 ti àpò inú, ìnáwó bọ́ sí ₦7,950. Okùn èjìká kò yí padà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ètò ìnáwó àtọjàwá”. A ti ní àtọ̀runwá, ohun tí ó ti ọ̀run wá; èyí ti ọjà wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ. ₦8,000 yẹn fúnra rẹ̀, a lè pè é ní “ààlà ìnáwó”.

Olùkọ́ ètò ọrọ̀-ajé, Ọ̀ṣogbo: Mo gbà pẹ̀lú bàbá lórí iye títà àti ìnáwó, ṣùgbọ́n mo rò pé a ti ní ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìṣúnáwó. Ẹni tí ó ń ṣọ́ owó ná ni aránbáàgì yẹn. Mo sì rí àṣìṣe kékeré kan nínú ìṣirò wọn. Bí a bá fẹ́ èrè 20 nínú 100, a óò fi 1.2 pín ₦10,000, ààlà rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦8,333. Ẹ ti fi ₦333 ni ọmọlọ́mọ lára lásán.

Ìyá oníbúrẹ́dì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kì í ṣe onímọ̀ èdè. Ohun tí ẹ ń wí yìí, mo ti ń ṣe é tipẹ́. Nígbà tí ìyẹ̀fun gbówó lórí, tí àwọn oníbàárà ní àwọn kò lè fi kọ́bọ̀ kún un, mo bù lára ìyẹ̀fun pípò náà kí n tó gbé e sínú agolo, mo sì ń tà á ní iye tí mo ń tà á tẹ́lẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìyẹn náà ni?

Oníṣirò owó tí ó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta: Olùkọ́, ìṣirò yín tọ̀nà fún ẹni tí ó bá sọ pé lórí gbogbo ₦100 tí òun ná, òun fẹ́ jèrè ₦20. Aránbáàgì yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní lára ₦100 tí ó wọlé ni òun fẹ́ ti yọ ₦20. Bí ó bá ná ₦8,333, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ ₦1,667, kò sì ní í tó nǹkan tí ó fẹ́ fi í ṣe. Ìwé tí a ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ là á yé ènìyàn pé lára iye títà ni, nítorí pé iye títà ni a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìnáwó ni à ń wá.

Ní ti ìṣúnáwó, ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà ni ènìyàn lè ṣọ́ owó ná. Bí aránbáàgì yìí bá ti gé aṣọ igba báàgì kí ó tó rántí láti ṣọ́ owó ná, aṣọ tí ó fi ṣòfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní í padà wá mọ́. Kí a tó gé aṣọ ni ọ̀nà yìí ní agbára.

Ìyá wa, ẹ kò jìnnà síbẹ̀. Ọjà ni ó gé iye títà fún yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì yín ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún irú rẹ̀, àwọn ará Jàpáàn ní orúkọ mìíràn, gẹ́ńkà káísẹ́ǹ, ìyẹn ni dídín ìnáwó ọjà tí a ti ń ṣe kù díẹ̀díẹ̀. Ohun kejì ni pé ìtóbi búrẹ́dì ni oníbàárà ń fi owó rà. Aránbáàgì yọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹ̀yin bù lára ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹ wo iye tí ó ń sùn mọ́ àwọn àlátẹ lọ́wọ́ dalẹ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ẹ ti ń bù ú, ẹ ti gé ibi tí kò yẹ.

Ìyá oníbúrẹ́dì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ó ń pọ̀ sí i díẹ̀. Epo ìdáná ààrò ni mo rò pé n óò yẹ̀ wò báyìí, nítorí pé ìdajì ààrò ni mo máa ń kó búrẹ́dì sí láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná kan náà ni mo ń dá.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, Ìlọrin: Mo fara mọ́ ètò, mo sì fara mọ́ ààlà ìnáwó. Àtọjàwá ni ó ń kọ mí lóminú. Ó tọ̀nà ní ti bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí pé bí àti ṣe pàdánù fáwẹ̀lì ìparí rẹ̀ níwájú ọ̀run náà ni ó ṣe pàdánù rẹ̀ níwájú ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fún ẹni tí kò gbọ́ àlàyé: “ìnáwó àtọjàwá” yóò dún létí rẹ̀ bí owó tí a ná nígbà tí a lọ ra èlò lọ́jà. Aránbáàgì ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì, láti ra aṣọ àti láti ta báàgì, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ èyí tí à ń wí. N óò yàn “ètò ìnáwó àtiyetítàwá”, bí ó tilẹ̀ gùn.

Oníṣirò owó tí ó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta: Ẹ̀hónú yín fẹsẹ̀ múlẹ̀, n kò sì rí i tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, àtiyetítàwá ń kọ́ mi lẹ́nu, mo sì ń bẹ̀rù pé aránbáàgì yóò padà sí ti elédè Gẹ̀ẹ́sì. Àbí “ìnáwó abiyetítà”? Èyí náà kò tíì dùn létí mi.

Olùtumọ̀, Ìbàdàn: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi “ààlà ìnáwó” sínú ìwé, mo sì ti yọ àfojúsùn kúrò. Mo ka àtọjàwá fún ọ̀gá aránbáàgì mi láìṣàlàyé, ó sì sọ ohun tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sọ gan-an: ó ní “owó tí mo fi ra sípù”. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n òun ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé: bí sípù bá fi ₦300 gbówó lórí kí òun tó rán báàgì ogún tán, tí iye títà kò sì yẹsẹ̀, ṣé ààlà ìnáwó ni yóò yí padà ni àbí báàgì?

Oníṣirò owó tí ó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta: Báàgì ni. Bí iye títà kò bá yẹsẹ̀, tí èrè tí ó fẹ́ kò sì yẹsẹ̀, ₦8,000 náà ni ààlà rẹ̀. ₦50 péré ni ó ní lọ́wọ́ lábẹ́ ààlà, nítorí náà ₦250 ni ó gbọ́dọ̀ tún wá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara fóòmù, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ìyá ọmọ náà bóyá wọ́n máa ń tẹ ẹ̀yìn báàgì wò.