Páálí èlùbọ́ mélòó ni kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 lè gbà?

Àbúrò Kàbà, Mansẹ́sítà: Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ìyá mi kékeré tó wà ní Kàbà ti ń di èlùbọ́ sínú ọ̀rá kílò kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá 15 ló sì ń wọ páálí kan. Páálí náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 25. Bí ó bá kún, kílò 16 ni. A fẹ́ kó wọn wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20. Aṣojú tó ń bá wa ṣètò ọkọ̀ ojú omi ní 1,100 páálí ni yóò wọ̀ ọ́, ẹni tó ń ṣe páálí sì ń dúró de iye tí n óò sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ kí n tó sanwó?

Ará Mọ̀pà, Tòróńtò: Èyí kò le. Inú kọ̀ǹténà yẹn jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 33, páálí rẹ kan sì jẹ́ 0.03. Bí o bá fi 0.03 pín 33, 1,100 ni yóò fún ọ, nítorí náà aṣojú yín kò purọ́. Yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nítorí àlàfo, yóò ku 990. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Ìṣirò yẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù òun yóò tó kọ̀ǹténà kan. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ sanwó páálí, nítorí pé páálí kì í ṣe omi tí a ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì. Ibi tí páálí odindi kan kò bá ti wọ̀, òfìfo ni ibẹ̀ yóò wà. Kọ̀ǹténà ni mo ń kó ẹrù sí láti ọdún 16 báyìí, èmi a sì máa fi ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Inú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 589, ó fẹ̀ tó 235, ó sì ga tó 239. Bí o bá to gbogbo páálí lóòró, ìyẹn ni pé kí 40 tẹ̀lé gígùn kọ̀ǹténà, ìlà 7 ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, páálí 14 sì ni ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní: 98 nìyẹn ní ipele kan. Bí o bá to gbogbo wọn níbùú, ìlà 5 ni, páálí 19 ní ìlà kan: 95. Ṣùgbọ́n bí o bá to ìlà 5 níbùú, tí o sì fi ìlà 1 lóòró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ìbú gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 230, ipele kan yóò sì gba 95 àti 14, èyí tó jẹ́ 109. Ipele 9 ni yóò lọ sókè, yóò ga ní 225, yóò sì ku àlàfo 14 lábẹ́ òrùlé. 109 lọ́nà 9 jẹ́ 981.

O rí i pé kò jìnnà sí 990 ti Mọ̀pà, ṣùgbọ́n orí rere ló bá a pàdé. Bí páálí náà bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, ètò ìlà yẹn yóò dàrú. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ohun kan: ṣé páálí òfìfo ni o wọ̀n, àbí èyí tó ti kún?

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀, Hiúsítìn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ń ra táìlì fún ilé tí a ń kọ́ ní Ẹ̀gbẹ̀. Páálí kan gùn ní 61, ó fẹ̀ ní 61, ó nípọn ní 4, ó sì wúwo tó kílò 30. Mo ṣe ìṣirò tiyín yìí, mo rí i pé yóò gbà ju 1,500 lọ. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé a ó bá àwọn aládùúgbò rà pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó àwọn aládùúgbò padà ná. 1,500 lọ́nà kílò 30 jẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Ẹ lọ wo ara ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà tí wọ́n bá gbé wá: ẹ óò rí MAX. GROSS, ìyẹn ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí kọ̀ǹténà àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ lè jẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ 30,480 kílò, ẹ óò rí TARE, ìyẹn ìwọ̀n kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀, tó máa ń lé díẹ̀ ní 2,200. Èyí tó kù, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 28, ni ẹrù tí ara irin náà lè gbà. Àwọn àtijọ́ kan wà tí MAX. GROSS wọn jẹ́ 24,000, nítorí náà ẹ má ṣe fi ti ẹlòmíràn ṣe ìṣirò tiyín.

Títì tún ní òfin tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tírélà, kọ̀ǹténà àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 80,000 pọ́n-ùn lọ lójú ọ̀nà ńlá, ìyẹn tọ́ọ̀nù 36 ó lé díẹ̀, àyàfi tí ẹ bá gba ìwé àyè. Lórí tírélà lásán, ẹrù inú kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 20 kì í sábà kọjá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 17. 550 páálí ni mo lè gbà yín nímọ̀ràn. Bí ẹ bá tẹ́ wọn káàkiri ilẹ̀ kọ̀ǹténà, òkìtì náà kò ní ga tó mítà kan, ẹnikẹ́ni tó bá wo inú rẹ̀ yóò rò pé ẹrù kò tíì dé. Kí ẹ tẹ́ ẹ káàkiri ṣáá o, kí ó má ṣe kó jọ sí ìdí kan, nítorí ibi tí ẹrù bá rọ̀ sí ni tírélà yóò dà sí.

Ti Àbúrò Kàbà kò ní ìṣòro yìí rárá. 981 lọ́nà 16 kò tó tọ́ọ̀nù 16. Àyè ni yóò kọ́kọ́ tán fún èlùbọ́. Ìwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ tán fún táìlì.

Bàbá Ìyàrà, Ìyàrà: Mo ṣe iṣẹ́ bíríkìlà fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ má ṣe to páálí kan sórí èkejì gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ ṣe é, kí ti òkè gun oríkèé méjì tó wà nísàlẹ̀. Ògiri tí kò bá ní ìdè yóò wó ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Òótọ́ ni pé èyí tó dè mọ́ra kì í tètè wó. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù le káàkiri, páálí kò rí bẹ́ẹ̀: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń gbé ẹrù, àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lágbára. Bí igun bá jókòó lórí igun, agbára rẹ̀ pé. Bí igun bá jókòó sí àárín ìkejì, agbára yẹn lè dín tó ìdajì. Páálí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ipele 9 ń ru páálí 8, ìyẹn kílò 128, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọ̀rinrin òkun yóò sì tún máa rọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣe páálí yẹ kí ó fún yín ní èyí tó lè ru ìlọ́po 3 sí 5 iye yẹn nígbà tó gbẹ. Páálí tí ara rẹ̀ ní pépà rírún ìlọ́po méjì nínú ni kí ẹ béèrè. Kí ìyá yín to 9 léra wọn sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yọ ikùn tàbí tí igun rẹ̀ bá ṣẹ́ ẹsẹ̀, kò tó.

Bàbá Ìyàrà, Ìyàrà: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ipele kan tàbí méjì tó wà lókè pátápátá, tí wọn kò ru nǹkan púpọ̀, ǹjẹ́ a kò lè dè wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: A lè dè wọ́n, bàbá. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn okùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò Kàbà, Mansẹ́sítà: Ẹ̀gbọ́n, òfìfo ni mo wọ̀n. Mo ti ní kí wọ́n fi téèpù wọn èyí tó kún. Gíga rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ yọ: ó gùn ní 41, ó sì fẹ̀ ní 31.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Ìlà 5 níbùú báyìí jẹ́ 205, fi 31 kún un, ó di 236. Ìbú kọ̀ǹténà jẹ́ 235. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni, ìlà kan odindi kò sì ní wọlé mọ́. Mo tún un ṣe: ìlà 6 lóòró àti ìlà 1 níbùú jẹ́ 227. Ìlà lóòró gba 14, ti ìbú lè gba 19, ṣùgbọ́n 19 lọ́nà 31 jẹ́ 589 gẹ́ẹ́, n kò sì ní fi orí mi dúró fún un. 18 ni mo mú. Ipele kan di 102, ipele 9 di 918. Ìyàtọ̀ ikùn páálí nìkan jẹ́ 63 páálí.

Kí ló ń fa ikùn náà? Afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá ni mo fura sí. Kí ìyá yín tẹ afẹ́fẹ́ jáde kí wọ́n tó lẹ ẹnu ọ̀rá pa.

Ará Mọ̀pà, Tòróńtò: Ó dára, mo gbà pé mo ní oríire ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fọwọ́ gbé 918 páálí sọ̀kalẹ̀? Pálẹ́ẹ̀tì ni kí ó lò. Mo mọ̀ pé 9 ni kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 20 ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Bí o bá to pálẹ́ẹ̀tì 120 sí 100 ní ìlà méjì, 9 ni lóòótọ́: 5 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 4 ní èkejì. Ṣùgbọ́n bí o bá yí 4 ká bí ìyẹ́ fáànù, tí ojú ihò kékeré kan wà láàárín wọn, wọn yóò jẹ́ 220 sí 220. Irú rẹ̀ méjì gba 440 nínú gígùn, yóò ku 149 níwájú ilẹ̀kùn, níbi tí pálẹ́ẹ̀tì 2 yóò dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 10 nìyẹn.

Lórí pálẹ́ẹ̀tì kan, páálí 10 ni ipele kan ń gbà bí páálí bá jẹ́ 40 sí 30 gẹ́ẹ́: to 4 ní ọ̀nà kan, to 6 yòókù ní ọ̀nà kejì ní ìlà méjì, yóò bo pálẹ́ẹ̀tì náà láìṣẹ́kù. Kí gbogbo ipele rí bákan náà kí igun lè bọ́ sórí igun. Ẹnu ilẹ̀kùn ga ní nǹkan bíi 228, kì í ṣe 239, fọ́ọ̀kílíìfù sì ní láti gbé pálẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ kó tó wọlé. Nítorí náà ipele 8 ni: 200, àti igi pálẹ́ẹ̀tì 15, jẹ́ 215. 80 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 800 lápapọ̀. Bí ikùn bá ṣì wà, páálí yóò yọ sẹ̀ǹtímítà 2 kọjá etí igi, igun tó bá sì rọ̀ sí òfìfo kò gbé nǹkan kan.

Àbúrò Kàbà, Mansẹ́sítà: Ìyá mi kékeré tẹ afẹ́fẹ́ jáde nínú 15, wọ́n ní páálí náà dúró sí 40 àti 30 àti ìdajì. Mo bi oníbàárà wa níbí. Wọ́n ní bí kò bá sí pálẹ́ẹ̀tì, àwọn yóò gba owó ìsọ̀kalẹ̀ lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ iye rẹ̀. Bí owó yẹn bá ju èrè 118 páálí tó wà láàárín 800 àti 918 lọ, pálẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti ní kí oníṣẹ́ páálí ṣe 850 ná, kí díẹ̀ lè wà fún èyí tó bá bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Ìdajì yẹn ṣì kù o. Ní ìlà ìbú, 19 lọ́nà 30 àti ìdajì jẹ́ 579 ó lé ìdajì. Kí wọ́n to ìlà kan tó pé sórí ilẹ̀, kí wọ́n fi téèpù wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má ṣe wọn páálí kan kí wọ́n wá fi ìsodipúpọ̀ ṣe é. Kí o sì fi iye náà ránṣẹ́ sí mi.