Kí ni kí n fi rọ́pò ẹran nínú oúnjẹ ọ̀sán?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kan rèé tí mo ti jáwọ́ nínú ẹran àti ẹja, àmọ́ mo ṣì ń jẹ ẹyin. Kílò 60 ni mo wọ̀n, nítorí náà mo nílò nǹkan bíi gíráàmù 48 purotéènì lóòjọ́. Ẹyin méjì àárọ̀ fún mi ní bíi 12, ife ẹ̀wà sísè kan lálẹ́ fún mi ní bíi 13. Ọ̀sán ló ń dà mí láàmú: àmàlà àti ewédú lásán ni, tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ebi ti tún dé. Bí mo bá fi kún ẹ̀wà, inú mi á wú. Ṣé wàrà sóyà ni kí n máa fi sínú ọbẹ̀ ata, àbí kí n se ẹ̀gúsí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lo wàrà náà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í fọ́ sínú ọbẹ̀?