"Gbá" ni àbí "gba"? Ìtumọ̀ ọ́fúsáìdì fún ìwé àwọn ọmọ iléèwé

Àrẹ̀mú, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí òfin bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ iléèwé. "Ìrékọjá" ni mo pe ọ́fúsáìdì, mo sì kọ ọ́ báyìí: "Ìrékọjá ni kí agbábọ́ọ̀lù ti kọjá àwọn alátakò nígbà tí ó gba bọ́ọ̀lù." Olóòtú wa fi gègé pupa sí i, kò sì sọ ìdí. Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Bàbá Fèrè, Abẹ́òkúta:
Àrẹ̀mú ọmọ mi, àmì ohùn kan ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. "Gba" lo kọ, "gbá" ló yẹ kó o kọ. Ẹni tó sì gbá a kì í ṣe ẹni tó wà níwájú, ẹnìkejì rẹ̀ tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i ni. Ìgbà tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún kan bọ́ọ̀lù ni rẹfirí ń ya fọ́tò sínú orí ara rẹ̀. Fọ́tò yẹn ló fi ń dájọ́. Ibi tí ẹni iwájú sá dé lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Mo fi fèrè ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún kí orúnkún tó ní ó tó, mo sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn kì í béèrè ìdí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹni iwájú ń sáré mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, dìfẹ́ńdà sì ń bọ̀ lódìkejì ní mítà 3, torí ó fẹ́ kí ẹni yẹn wà lẹ́yìn òun. Àlàfo àárín wọn ń fi mítà 11 pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lójú ọ̀run, àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ wà lórí ìlà kan nígbà tí wọ́n gbá a yóò ti fi mítà 16 àti ààbọ̀ jìnnà síra nígbà tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀. Ẹni iwájú kò ṣẹ̀ rárá. Ó kàn yára ju dìfẹ́ńdà lọ ni.

Tó bá jẹ́ ìgbà tó gba bọ́ọ̀lù là ń wò, kí ni dìfẹ́ńdà yóò máa sáré fún? Bó bá ti rí i pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sókè, á kàn rọra rìn síwájú, á gbé ọwọ́ sókè, ó parí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá gba àárín àwọn dìfẹ́ńdà kọjá, èyí tí a ń torí ẹ̀ pariwo nílé ìwòran, kò ní sí mọ́.

Àjàní, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ṣé é, Bàbá. Mo fara mọ́ "gbá". Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ẹ gbàgbé kún un: dìfẹ́ńdà tó kẹ́yìn là ń wò. Tí dìfẹ́ńdà kan bá ti wà láàárín ìwọ àti aṣọ́lé, wàhálà ti tán. Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ mi nìyẹn láti kékeré. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ọ́fúsáìdì tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, tàbí tó bá jẹ́ kọ́nà.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà:
Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ṣé ẹni tó na àsíá ni ẹ̀ ń sọ ni? Àwọn láìnìmáànù yẹn ò láàánú o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi wà lọ́ọ̀ọ́kán, nítòsí góòlù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kejì. Bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, ó rí i pé kò ní dé ọ̀dọ̀ òun, ló bá sáré padà, àní ó sáré wọ apá tiwọn, ó sì gbà á níbẹ̀. Wọ́n na àsíá! Kóòṣì wọn ń pariwo pé "ó ti padà, ó ti padà, kò sí lọ́ọ̀ọ́kán mọ́!" Wọn ò dáhùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo lè fẹjọ́ sùn.

Bàbá Fèrè:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, àmọ́ ẹ má fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Láìnìmáànù yẹn jàre. Kóòṣì ń ka òfin bí Àrẹ̀mú ṣe kọ ọ́, ó ń wo ìgbà tí ọmọ gba bọ́ọ̀lù. Òfin ń wo ìgbà tí wọ́n gbá a, ọmọ yín sì ti kọjá nígbà náà. Sísá padà kò pa fọ́tò yẹn rẹ́. Láti ọdún 2016 ni ìwé òfin ti là á kalẹ̀ pé ibi tó ti lọ dá sí bọ́ọ̀lù ni wọn yóò ti ta fíríkíìkì, ìbáà jẹ́ nínú apá tiwọn. Ohun tó ya kóòṣì lẹ́nu nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó wà nínú apá tirẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ́fúsáìdì, òun wá gbé e lọ sí ìgbà tó gbà á.

Àjàní, ti ìjuwọlé àti kọ́nà dáa. Ti dìfẹ́ńdà tó kẹ́yìn ló wọ́. Òfin kò ka dìfẹ́ńdà, alátakò ló ń kà, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn bíi gbogbo ẹni yòókù. Alátakò kejì láti ẹ̀yìn là ń wò. Aṣọ́lé ló sábà máa ń kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé dìfẹ́ńdà kan péré tó.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ife Àgbáyé ní Kátárì, 20 Oṣù Kọkànlá 2022, Kátárì àti Ẹkuadọ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí Enner Valencia fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n yọ̀, wọ́n wá fagi lé e. Ibi tí mo jókòó sí, ariwo sọ, gbogbo ènìyàn ní wọ́n fẹ́ gbè sẹ́yìn onílé, torí wọ́n rí ọmọ Kátárì kan kedere lẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ta fíríkíìkì, aṣọ́lé Kátárì fò jáde, kò bá bọ́ọ̀lù. Félix Torres kàn án, ó lọ bá Michael Estrada. Nígbà tí Torres kàn án yẹn, aṣọ́lé ti kúrò nílé, alátakò ẹyọ kan péré ló wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ Estrada. Ẹsẹ̀ kan ló kọjá o, kì í ṣe gbogbo ara, ó sì tó. Bọ́ọ̀lù ṣì tún padà sọ́dọ̀ Torres kó tó dé ọ̀dọ̀ Valencia, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti parí sẹ́yìn. Àwọn tó ń wo ibi tí Valencia wà nígbà tó gbá a wọlé ń wo fọ́tò mìíràn pátápátá.

Adésẹ̀wọ́n, Ilé-Ifẹ̀:
Bàbá ti tán ti bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. "Ìrékọjá" kò lè dúró. Bí ọmọ iléèwé bá gbọ́ ọ, Àjọ Ìrékọjá inú Bíbélì ló máa rò, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn lára òpó ilẹ̀kùn. Àti pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dá ẹni iwájú lẹ́bi kó tó ṣe nǹkan kan. Kíkọjá nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àbí, Bàbá? Ó lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú bí kò bá dá sí eré.

Mo dábàá "ìlúgọ". Ẹni tó lúgọ sẹ́nu góòlù ń dúró de ìjẹ ọ̀fẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀tì tiwa ládùúgbò, mọ́ńkì pósì, kò sí ọ́fúsáìdì rárá, àwa fúnra wa la máa ń bú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá Fèrè:
Bẹ́ẹ̀ ni, kò ṣẹ̀ títí yóò fi dá sí eré. Ṣùgbọ́n "ìlúgọ" ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Estrada kò lúgọ, àárín èrò ló wà. Òfin kò béèrè bóyá o mọ̀ọ́mọ̀.

Àjàní:
Ẹ jẹ́ ká fi "ọ́fúsáìdì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń pè é ní nǹkan mìíràn? Mo gbà pé mo ṣìnà lórí aṣọ́lé o, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí ẹ̀.

Adésẹ̀wọ́n:
"Ọ́fúsáìdì" gan-an ní ìṣòro tirẹ̀, torí ìlà tó wà nílẹ̀ ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ìlà yìí ń rìn ni. Mo ṣì ń jà fún orúkọ méjì, ọ̀kan fún ipò, ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ̀: "ipò iwájú" àti "ẹ̀ṣẹ̀ ipò iwájú". Kò dùn lẹ́nu, mo mọ̀.

Ní ti "gbá", mo ní ìbéèrè. Torres lè fi orí tàbí àyà fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. "Gbá" yóò jẹ́ kí ọmọ rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni. Ṣé "kàn" kò sàn jù?

Àrẹ̀mú:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń to ìwé wa ní fọ́ǹtì òun kì í gbé àmì ohùn dáadáa. Tí àmì bá já, "gbá" àti "gba" di ọ̀kan náà, a tún padà sí ti kóòṣì Ọ̀fà. Ṣé mo lè kọ "nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀"? Àmì já tàbí kò já, yóò yéni.

Bàbá Fèrè:
O gbọ́n, àmọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kan ara là ń mú, kì í ṣe ìgbà tó kúrò. O lè rò pé mo ń fa irun tíntìn-tín sí méjì, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fo sáà kékeré kan láàárín àwòrán kan àti èkejì. Tún ìṣirò mítà 11 yẹn ṣe, wà á rí i pé àwòrán kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀lù ní Kátárì, tó ń ròyìn ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n kàn án gan-an. Ibi kan ṣoṣo tí "kúrò" ti tọ̀nà ni tí aṣọ́lé bá fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú níbẹ̀, inú òfin sáà 2025 sí 2026 ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti ka ti Bàbá fún ọmọ náà. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kóòṣì ni kò mọ̀.

Àrẹ̀mú:
Èyí ni mo ń fi ránṣẹ́ sí olóòtú lónìí: "A máa ń wo ibi tí agbábọ́ọ̀lù wà nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ara kan bọ́ọ̀lù tó ń rán sí i, kì í ṣe ibi tó wà nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "dé ọ̀dọ̀ rẹ̀" rọ́pò "gba", kí àmì má lè ṣì wá lọ́nà mọ́. Orúkọ ni mi ò tíì rí. Mo kọ "ọ́fúsáìdì" síbẹ̀ ná, mo sì fi àlàfo sílẹ̀ fún "ipò iwájú" títí di ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tètè wí.