"Oru" ni àbí "gbígbẹ"?

Òǹkọ̀wé eré: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ kàtúùnù ìṣẹ́jú 1 fún àwọn ọmọ ọdún 8, lórí omi tó ń gbẹ nínú abọ́. "Omi ń di oru" ni mo kọ, ayàwòrán wá ya nǹkan funfun bí èéfín. Ṣé kí n fi "oru" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: Ayàwòrán ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ yín ló ṣì í lọ́nà. Bí a bá ti ní "oru", ìkòkò tó ń hó ló ń wá síni lọ́kàn. Omi inú abọ́ yìí ò hó rárá, síbẹ̀ ó ń gbẹ. Nǹkan funfun ẹnu kẹ́tùlù pàápàá, ó ti padà di ẹ̀kán omi wínníwínní nígbà tó kan afẹ́fẹ́ tútù. Ẹ wo àárín ẹnu kẹ́tùlù sí ibi tí funfun náà ti bẹ̀rẹ̀: ó dà bí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi kún ibẹ̀, ojú wa ni ò rí i.

Ará ilé kan: Ẹ kúkú sọ pé oòrùn ń fa omi mu. Gbogbo ọmọ ló ti gbọ́ ọ rí.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: Oòrùn ń mú un yá, òótọ́ ni. Àmọ́ aṣọ tí a sá sínú yàrá náà ń gbẹ, bí ilẹ̀ tiẹ̀ ti ṣú. Bí ọfà bá ti ara omi lọ bá oòrùn, ọmọ á rò pé oòrùn ní ẹnu.

Ìyá tó ń ka ọ̀rọ̀ sórí àwòrán: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa ohùn. Nínú kàtúùnù kan tí mo ka ọ̀rọ̀ sí lọ́jọ́ kan, wọ́n ya ẹ̀rín sójú oòrùn, ó sì ń jó. Ohun tí mò ń sọ nípa omi, ọmọ kankan ò gbọ́ ọ. Kí nǹkan kan ṣoṣo máa mira lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: Ìyá ti sọ ọ́. Ẹ dán èyí wò:

Àwòrán: abọ́ omi, ìlà pupa níbi tí omi dé. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2.
Ohùn: "Ẹ wo ìlà yìí. Omi dé ibẹ̀."
Àwòrán: oòrùn wọ̀, òṣùpá yọ, ilẹ̀ mọ́. Omi ti fà sẹ́yìn sábẹ́ ìlà.
Ohùn: "Ta ló mu ún?"
Àwòrán: àmì rógódó aláwọ̀ omi ń kúrò lójú omi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ohùn: "Kò sẹ́ni tó mu ún. Ó ń wọ inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Kí àmì náà má tóbi sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì yí padà, nítorí omi náà ni. Bó bá ti ìsàlẹ̀ abọ́ gbéra, híhó lẹ yà yẹn.

Ará ilé kan: Orúkọ ńkọ́? "Ìgbẹ omi"?

Ìyá tó ń ka ọ̀rọ̀ sórí àwòrán: Háà! Bí ohùn mi bá fi gòkè díẹ̀ níbẹ̀, kíláàsì á fọ́n ká fún ẹ̀rín.

Òǹkọ̀wé eré: Mo ti yọ èéfín náà. "Gbígbẹ" ni mo fẹ́ lò, kó jáde lẹ́yìn tí ọmọ bá ti rí i. Mo tún rí i pé bí "oru" bá hàn lójú àwòrán láìní àmì ohùn, tí òṣùpá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "òru" ni wọ́n máa kà.

Ará ilé kan: Gbígbẹ ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ náà ńkọ́, kí ni orúkọ tirẹ̀? Ẹ ò tíì dáhùn.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣáà má pè é ní "omi tó di afẹ́fẹ́". Omi ṣì ni.