Kí la ó pe ìbínú tó fi ọ̀wọ̀ bora?

Olùkọ́ kan, Kàbà: Ọ̀rẹ́ mi ni, a sì jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín máa ń dí ju tèmi lọ. Bí mo ṣe sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí máàkì kíláàsì kejì. Kò sí wàhálà o, ó ti mọ́ mi lára." Ọkọ mi ní ẹ̀gún wà níbẹ̀. Kí ni kí n yọ? Kí la tiẹ̀ ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ará Ìsánlú: Òwe lẹ pa mọ́ ọn. A ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ yọ "ó ti mọ́ mi lára", ó tán.

Nọ́ọ̀sì kan, Ẹ̀gbẹ́: Tèmi ńkọ́? Bí mo bá bẹ ẹnì kejì mi pé kó bá mi gba iṣẹ́ alẹ́, "Ó dáa" nìkan ló máa ń kọ. Ṣé ìbínú nìyẹn?

Ará Mópà: Òkun o, gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì wa, bó bá jẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́ látẹ̀yìnwá nìyẹn, ẹ má rò ó. Ìyípadà ni ká máa wò. Ohun tó gún mi jù nínú ti olùkọ́ wa náà nìyẹn: "ìwọ" lẹ ń pe ọ̀rẹ́ yín lójoojúmọ́, lónìí ó di "ẹ", ó di "ọ̀gá wa". Bẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ ìlà ìkẹyìn, "ẹ" yẹn ṣì ń jà.

"Bí ẹ bá ráyè" kì í ṣe òótọ́, torí ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà. "Bí mo ṣe sọ" ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ohun tí mo máa kọ ni: "Báwo ni? Máàkì kíláàsì kejì ò tíì dé ọwọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa kó gbogbo rẹ̀ fún pirinsípà. Ṣé o lè fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló kù tó máa dáhùn.

Àmọ́ kí ló ti "mọ́ yín lára"? Ìyẹn ló ń yọ́ wọnú ọ̀rọ̀ máàkì.

Olùkọ́, Kàbà: Sáà tó kọjá, èmi nìkan ni mo jókòó ro máàkì àwa méjèèjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò sọ fún un rí.

Ará Mópà: Ẹ sọ ọ́ lójúkojú, lọ́jọ́ mìíràn, láìfi máàkì yìí kún un. Bẹ́ ẹ bá gbé e mì, ìwé ìránṣẹ́ tó kàn ló máa bá jáde.

Ní ti orúkọ, "pípòwe mọ́ni" ò tó. Ẹni tí wọ́n pòwe mọ́ lè pa tirẹ̀ padà. Ẹni tí wọ́n kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ló fẹ́ dá padà? Mo dábàá "ìbínú abẹ́ ọ̀wọ̀".

Ará Ìsánlú: Ọ̀wọ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ tó ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ńkọ́? Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ará Mópà: Òótọ́ ni, ìyẹn ò sí lábẹ́ tèmi. Kí lẹ ó pè é?

Olùkọ́, Kàbà: Mo ti fi ránṣẹ́. Ó ní ọ̀la. Mo máa yà nílé rẹ̀ ní Sátidé.