Kí ni oko ń wá nínú àwọ̀ iyọ̀ kọ́pà?

Ìbéèrè, láti Ìtòkú: Ẹ̀yin àgbà, mo rí «ìfọ́ oko kírísítà» nínú ìwé kẹ́mísírì ọmọ mi. Kí ni oko ń wá níbẹ̀, kí ló sì fọ́, tí iyọ̀ kọ́pà fi ń yí àwọ̀ padà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà: «Crystal field splitting» ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ «field», ìyẹn pápá, ó sì gbé ọkọ́ jáde. Ipá iná mànàmáná ni Hans Bethe ń sọ ní 1929, ìyẹn ipá tí àwọn ohun tó yí irin bíi kọ́pà ká fi ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù irin náà. Yàrá márùn-ún tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé, tí à ń pè ní «d», wà ní ìpele agbára kan náà bí kò bá sí ohun tó yí irin ká. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mẹ́fà bá dúró tì í níwá, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀, yàrá méjì tó dojú kọ wọ́n gangan yóò gòkè, mẹ́ta tó wo àárín wọn yóò sì wà nísàlẹ̀. Kò sí èyí tó fọ́. «Ìyapa ìpele» ni mo fara mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ bá àlàfo tó wà láàárín ìpele méjèèjì mu ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé mì kó lè gòkè, èyí tó ṣẹ́kù ni ojú wa sì ń rí.

Ẹ po kọ́pà sọ́lféètì mọ́ omi. Omi ló yí kọ́pà ká, àlàfo náà kò fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbé mì jù wà ní nǹkan bí 800 nánómítà, níbi tí pupa ti ń tán lójú wa. Nítorí náà, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù. Ẹ wá kán àmóníà sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù yóò kọ́kọ́ jókòó sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáwọ́ dúró. Ẹ máa kán an lọ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi yòrò: omi náà yóò di búlúù tó dúdú minimini, torí pé àmóníà fẹ àlàfo náà ju bí omi ti fẹ̀ ẹ́ lọ, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn tó wà ní nǹkan bí 600 nánómítà ló sì ń lọ báyìí.

Ọ̀dọ́ olùkọ́, Òke-Ìlẹ̀wọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìjà wà nínú «ìyapa». «Ìpínyà» ni màmá mi àgbà ì bá pè é. Ohun kan náà ló sì fún pọtáṣíọ́mù pámánganéètì ní àwọ̀ àlùkò.

Olùkọ́, Ìbarà: Rárá o, àbúrò. Máńganíìsì inú rẹ̀ kò ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan mọ́ nínú yàrá «d» tí yóò gòkè. Láti ara ọ́síjìn ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń fò bọ́ sára máńganíìsì, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀. Ti síńkì yàtọ̀: yàrá rẹ̀ kún fún mẹ́wàá, kò sí àyè, omi sọ́lféètì rẹ̀ kò sì ní àwọ̀.

Aládìrẹ kan: Ṣé ìyapa yìí náà ló ń ba aró ẹlú mi jẹ́? Ó ń ṣí lára aṣọ.

Olùkọ́, Ìbarà: Kò sí irin nínú àwọ̀ ẹlú, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ tiyín wà lọ́tọ̀.

Ọ̀dọ́ olùkọ́: Mo gba ti pámánganéètì, ṣùgbọ́n «ìpínyà» ni èmi yóò máa kọ. Ẹ tilẹ̀ fi «kírísítà» sílẹ̀ láìwádìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi inú ìgò lẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.